Ilé Tí Alága Kọ́ fún Jẹnẹrétọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣé ọlọ́dẹ ni ọ́ ni? Wọlé, kó o sì gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí aṣọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó lọ tọ̀ báyìí, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti jókòó? Ó dáa. Ọkùnrin kan wà tó tóbi lójú ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ́lé fún ẹ̀rọ amúnáwá. Ilé ọ̀hún ló lé e jáde sí gbangba ti òun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Alága ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sí ọ́fíìsì kan, kó máa parí ìjà láàárín aládùúgbò: ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ ẹlòmíì, ẹni tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn wọ ilé ẹlòmíì. Iṣẹ́ tó dáa ni. Iṣẹ́ etí ni. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, ẹnu ló fi ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe pe òun ní Alága lásán mọ́. “Alága Ìlàjà, Baba Àlàáfíà, Òkè Ńlá Tí Ìjì Ń Kí” ni kí wọ́n máa pe òun. Bí ènìyàn bá fo ọ̀kan nínú ẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bàbá arúgbó kan lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ pé aládùúgbò òun ń da pàǹtírí síwájú ilé òun. Kó tó pe orúkọ yẹn pé láìṣì í pè, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bàbá bá padà sílé lọ gbá pàǹtírí náà fúnra rẹ̀, Alága sì kéde pé òun ti parí ìjà.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ dúró ná.

Bó bá di alẹ́, àwọn tó ń wá ojúure rẹ̀ á kún pálọ̀ rẹ̀. Olórí wọn lẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bí Alága bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ní irú ọgbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n. Máíkì ni Alága sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú pálọ̀ o! Pálọ̀ tó jẹ́ pé bí o bá na ọwọ́, o lè fi gbá ẹni tó jókòó lápá kejì létí. Iná mànàmáná kì í dúró lálẹ́ ládùúgbò náà, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni ń gbé máíkì dúró, títí òru á fi jìn. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún tóbi bíi màlúù tó lóyún. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló wà, níbi tóóró kan, tó kọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde, sí ọgbà ẹni tó múlé gbè é.

Ìyá Onídìrí ló múlé gbè é. Ẹ mọ àwọn tó mọ irun dì débi pé orí ẹni á fúyẹ́ bí a bá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ ọmọbìnrin náà, fókánáísà tó ń lẹ táyà níta, tẹ̀ lé wọn wá, ó ní òun ò lè fojú kan ògiri lásán nílé. Yàrá tí wọ́n tẹ́ ìkókó sí ni fèrèsé rẹ̀ dojú kọ sàlẹ́ńsà Alága. Ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àyà kékeré yẹn ń lọ sókè sódò bíi ti aláǹgbá tí oòrùn ń pa. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní èéfín ni, kí wọ́n gbé e jìnnà sí i. Ó tún kìlọ̀ fún wọn pé nǹkan kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, tó sì lè pa odidi ilé mọ́jú.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Fókánáísà dìde. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n fo ọgbà yìí. Màá já wáyà yẹn, màá fi dè é lọ́rùn.”

“Jókòó,” ni Ìyá Onídìrí wí. “Bó o bá já a, á ra òmíì lọ́la. Ìjà ló máa ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, èéfín á sì tún wà níbẹ̀.”

“Ṣé ká máa wò ó ni?”

“Ta ló ní ká máa wò ó? Irun tó bá ta kókó, ṣé láti ìdí la ti ń fa ìyàrun? Onítọ̀hún á pariwo, ìyàrun á kán. Láti ṣóńṣó la ti ń tú u, díẹ̀díẹ̀. Kọ́kọ́ bá mi gbé ọmọ wá sí yàrá iwájú. Inú mi ń ru báyìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ò ṣeé sọ síta.”

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ. A kì í lọ bá aládùúgbò nígbà tí ariwo rẹ̀ ṣì ń dùn wá nínú etí. Ohun tá a bá bá lọ nígbà náà, ìjà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ la pè é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wé gèlè rẹ̀, ó lọ. Ó bá àlejò lẹ́nu géètì Alága. Ó kí Alága, ó kí àlejò, ó bèèrè ìyàwó, ó yí padà. Fókánáísà ní, “Ẹ ò sọ ọ́ ni?” Ó ní, “Níwájú ènìyàn? Bí mo tilẹ̀ fi oyin pò ó, lójú àlejò, èébú ni. Á ní láti fi hàn wọ́n pé òun ni ọkùnrin.”

Ó dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Alága nìkan ló wà níta, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ̀ síwájú dígí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe máa rẹ́rìn-ín bí Ọ̀gá Pátápátá, olórí àwọn tó gbé e sípò, bá wá.

“Ẹ káàárọ̀ o, Alága Ìlàjà, Baba Àlàáfíà, Òkè Ńlá Tí Ìjì Ń Kí. Ẹ kú ìsinmi.”

Ó pè é pé! Kò fo ọ̀kan. Inú Alága dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

“Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo bá wá, sà. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gba àlejò sínú òkùnkùn, ẹ gbọ́dọ̀ tan iná. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, torí ẹ̀yìn ògiri ló wà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí ìkókó wa ń sùn. Ó ń húkọ́, nọ́ọ̀sì sì ní ká gbé e jìnnà sí èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa sún un lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá yín, ní gbangba, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọ sí pápá? Ibẹ̀ jìnnà sí fèrèsé tiyín náà. Ọkọ ọmọ mi á bá yín gbé e, á sì bá yín na wáyà rẹ̀. Bí àwọn àlejò bá sì ti lọ, kẹ́ ẹ bá wa pa á, kí ọmọ lè sùn.”

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kò pè é ní ìkà. Kò ní “gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe báyìí.” Kò dárúkọ ọlọ́pàá. Ohun tó ń dun òun ló sọ, ohun tó fẹ́ ló sọ, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Kí lèèyàn tún fẹ́ gbọ́?

Alága gan-an gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ rọ̀. “Áà, n ò mọ̀ rárá o. Ọmọ ọ̀hún ńkọ́ báyìí? Jẹ́ kí n…”

Ibi tó dé rèé tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi yọ lẹ́nu géètì. “Ẹ̀n! Ta ló ń pàṣẹ fún Òkè Ńlá láàárọ̀ kùtù?”

Ọ̀rọ̀ bà jẹ́. Ojú tó rọ̀ tún le koko. Alága gun àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó na ìka sí ọ̀run nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ìwọ obìnrin yìí! O ní kí n gbé jẹnẹrétọ̀ mi lọ sẹ́yìn àgbàlá? Bí ẹrù olè? Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn mi! Rárá! Ohun tó o bèèrè kéré sí mi. Èmi yóò kọ́lé fún un!”

“Ilé olórùlé, sà!” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

“Yóò fara ti pálọ̀ mi, kí ó lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi!”

“Á gbọ́n jù wá lọ, sà!”

Wọ́n sì kọ́ ọ. Bíríkì, páànù, ilẹ̀kùn irin. Bíríkìlà bèèrè ibi tí fèrèsé máa wà. Alága ní ẹni tó bá ń yọjú wo títì ló ń wá fèrèsé, ẹ̀rọ ẹni ńlá kì í yọjú. Bíríkìlà tún bèèrè ibi tí èéfín máa gbà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní èéfín ilé ńlá mọ ọ̀nà. Òótọ́ ló sọ, ó mọ̀ ọ́n! Ihò kan wà lára ògiri pálọ̀ láti ìgbà àtijọ́, níbi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn wà rí, tí wọ́n fi kọ́tìnì bò. Ilé jẹnẹrétọ̀ gbá ihò náà mọ́ra wéré. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́, Alága sì bá ẹ̀rọ bọ ọwọ́.

Nílé Ìyá Onídìrí, ìkókó sùn. Ikọ́ lọ. Ẹlòmíì á ní kí ló tún kàn mí? Àmọ́ obìnrin náà gbé ojú sókè lálẹ́, kò rí èéfín lórí òrùlé, kò rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èéfín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, níbo ló ń lọ? Bó ti ń wo kọ́tìnì pálọ̀ Alága tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láìsí atẹ́gùn, ó fura pé inú ilé ni.

Àárọ̀, ó tún lọ. Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ dá. “Ẹ ṣeun gan-an sà, ọmọ ti ń sùn. Ilé yín á tòrò. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù, ti yín sì ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí èéfín yẹn ń gbà jáde. Ó jọ pé inú ilé ló ń wọ̀. Nọ́ọ̀sì ní a kì í gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ohun tó ní ògiri.”

Àwọn oníyìn ti pé sí pálọ̀ láàárọ̀ yẹn, Ìyá Onídìrí ò sì lè dúró de ìgbà mìíràn, torí alẹ́ ni wọn yóò tún tàn án. Alága wò wọ́n, ó fẹ́ra bí ọ̀pọ̀lọ́. “Ẹ wá gbọ́! Ó ní kí n mú èéfín kúrò, mo mú un kúrò. Ó tún wá ń wá a!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín dákú. Lọ́jọ́ náà ni Alága ṣòfin mẹ́ta. Kí aládùúgbò kankan má sọ̀rọ̀ èéfín sí òun mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má húkọ́ nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì máa ti gbogbo fèrèsé, kí ọ̀rọ̀ iyebíye má baà dà sí etí ẹni tí a kò pè.

Ìyá Onídìrí kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Àmọ́ ó gba ẹ̀yìn lọ bá ìyàwó Alága nídìí aṣọ tó ń sá.

“Ìyàwó wa, bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, tí ara yín sì ń rọ, tó wá jẹ́ pé gbogbo yín ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe àárẹ̀ o. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jáde síta. Ẹ má dúró de ẹni tó ń sọ̀rọ̀.”

Ìyàwó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. “Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni.”

“Ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn ìdáná.”

Láti ìgbà náà, bí Alága bá ti gbé máíkì, ìyàwó á yọ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn ìdáná gbayawu. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló dá ẹ̀mí wọn sí. Orí ń fọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́? Oníkálukú rò pé òun nìkan ni, bí òun bá sì sọ ọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ Alága ló fọ́ òun lórí. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu á gbé e mì bí òkèlè.

Ọ̀gá Pátápátá ṣe bẹ́ẹ̀ dé. Ó ń wá ẹni tó máa fi ṣe olórí gbogbo alága, ó sì ní òun fẹ́ rí bí Baba Àlàáfíà ṣe ń gbé láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Alága ò jẹun láti àárọ̀. Ó rí ilẹ̀kùn ìdáná tó ṣí sílẹ̀. Ó tì í, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò.

“Ẹ̀yin èèyàn iyì,” ó bẹ̀rẹ̀, máíkì ń dún wìì, “kí ni àlàáfíà? Èmi ni! Nígbà tí mo dé ayé, wọ́n ní n kò sunkún, ìyá tó ń sunkún ní ibùsùn kejì ni mo wò, ó sì dákẹ́! Etí mi fẹ̀ ju agbádá lọ! Kò sí aládùúgbò tó sọ̀rọ̀ sí mi rí tí n kò gbọ́!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó rọ díẹ̀. Ó tún sọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́tùn-ún lósì. “Ẹ wò wọ́n,” ni Alága ń rò, “ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára.” Ojú Ọ̀gá Pátápátá pa dé. “Ó ti wọnú ìrònú!” Bẹ́ẹ̀ni-Sà yọ̀ kúrò lórí àga, ó nà gbalaja sílẹ̀. “Ẹ rí ìdọ̀bálẹ̀!” Alága fẹ́ yìn ín, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó rò pé ọgbọ́n ló wúwo bẹ́ẹ̀.

Lódìkejì ọgbà, Ìyá Onídìrí ń di irun ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Ẹ gbọ́.”

“Kí la fẹ́ gbọ́?” ni Fókánáísà wí. “Jẹnẹrétọ̀ náà ni.”

“Àtẹ́wọ́ dà?”

Nǹkan kan já lulẹ̀, ó dún nínú máíkì: gbùà! Lẹ́yìn náà, wìììì, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìyá Onídìrí gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ti wà lójú ọ̀nà.

“Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ èéfín mọ́ o!”

“N ò lọ sọ̀rọ̀. Lọ pa ẹ̀rọ yẹn. Mú èémí rẹ dání kó o tó wọlé, má dúró níbẹ̀. Ìwọ ọmọ mi, pe nọ́ọ̀sì.”

Ó kan ilẹ̀kùn. “Ẹ káalẹ́ o, sà. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́.” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé àpótí sókè. “Ẹ dákun, sà.” Gbàù! Fèrèsé àkọ́kọ́ fọ́. “Ẹ forí jì mí, sà.” Gbàù! Èkejì fọ́. “Mo bẹ̀ yín ni, Òkè Ńlá.” Gbàù! Mo búra fún yín, ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tó fi ọ̀wọ̀ fọ́ dígí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Jẹnẹrétọ̀ kú. Ìyàwó Alága, tó ti ń rákò bọ̀ lórí ilẹ̀, na ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń fa èèyàn kan jáde, wọ́n á mí sí gbangba, wọ́n á tún padà. Wọ́n fa Ọ̀gá Pátápátá bí àpò ìrẹsì. Alága ló jáde kẹ́yìn, wọ́n mú un lápá mú un lẹ́sẹ̀, bàtà rẹ̀ kù sínú ilé, máíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà tí kò tètè jí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ. Wọ́n ní nígbà tó lajú lọ́hùn-ún, tí dókítà bi í pé ṣé òmùgọ̀ ni, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ni, sà.” Nọ́ọ̀sì yẹ àwọn tó kù wò, ó fi afẹ́fẹ́ sí wọn nímú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kẹ́nikẹ́ni má padà sínú ilé yẹn, kí wọ́n jókòó sí gbangba, òun ò sì fi ẹnì kankan sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibo ni gbangba tó lágà? Ọ̀dọ̀ Ìyá Onídìrí. Gbogbo èèyàn iyì bá tò sórí àpótí ìdìrun. Òwú irun lẹ̀ mọ́ kóòtù Ọ̀gá Pátápátá.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó bèèrè, “Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?”

Gbogbo àwọn oníyìn ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní òun húkọ́ nínú ọkàn òun. Òmíràn ní òun fi ojú sọ ọ́.

“Obìnrin yìí sọ ọ́,” ni ìyàwó Alága wí. “Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ ìdáná wà nínú àpò ọkọ mi báyìí.”

Ọ̀gá Pátápátá na ọwọ́. Alága fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

“Iṣẹ́ etí la gbé fún ọ,” ni Ọ̀gá wí. “Ẹni tí kò gbọ́ ẹni tó múlé gbè é, ẹjọ́ ta ló máa gbọ́? Láti òní lọ, kì í ṣe ìwọ ni Alága mọ́.”

Alága dìde. Ó gbé máíkì sẹ́nu, wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. “Èmi, Alága Ìlàjà, Baba…” Ó gbàgbé èyí tó kù. Ó wo ojú àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n rán òun létí. Oníkálukú ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò ti yọ. Ó jókòó.

Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, wọn ò kí Alága. Nínú yàrá, ìkókó jí, ó ké. Ẹ ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí! Àyà tó mọ́ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Alága di orí rẹ̀ tó ń fọ́ mú. Ó dúró kí àlejò tó kù jáde tán. Ó wá rọra sún mọ́ Ìyá Onídìrí.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú àìsùn. Ẹ̀bẹ̀… ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni. Mo mọ̀ pé ọmọdé ò lè ṣe kó má sunkún. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ó ń dé ibi tí mo jókòó sí. Orí ló ń fọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi gbé e wá síta díẹ̀? Màá bá yín rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.”

“Ẹ ò fo ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mi,” ni Ìyá Onídìrí wí. Ó gbé ọmọ wá, ó ní kó jókòó dáadáa, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ìkókó wo Alága. Alága wo ìkókó. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ronú sí i, ó dákẹ́, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò pẹ́, oorun gbé ọmọ lọ.

Ó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òun ni àlejò tó kẹ́yìn. Bí oòrùn ti ń yọ, ó fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ rìn jáde nínú ìbọ̀sẹ̀, ó fa géètì sẹ́yìn ara rẹ̀, géètì náà ò sì dún.